Ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Ṣé”: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nínú kíláàsì ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ní Kábà

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń darí kíláàsì ìfọ̀rọ̀wérọ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní tùtóríà, ní àárọ̀ Sátidé nílùú Kábà. Ìtàn ilẹ̀ wa ni a ń kà níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kì í ju 14 lọ. Wọ́n ń wá láti Owé, Ìjùmú, Ìyàgbà àti Bùnú, àwọn mìíràn nínú wọn sì dàgbà jù mí lọ. Ní ọdún méjì àkọ́kọ́, ohun tí mo gbà gbọ́ ni pé wọn kì í sọ̀rọ̀ nítorí pé wọn kì í ka ìwé tí mo bá fún wọn kí wọ́n tó wá. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà sú mi, mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, mo sì fi fóònù mi gba ohùn kíláàsì kan sílẹ̀, kí n lè mọ ẹni tí kò là ẹnu rẹ̀ rárá.

Ohùn ara mi ni mo gbọ́ jù nínú rẹ̀. Ìbéèrè 12 ni mo bi wọ́n lọ́jọ́ náà. Mọ́kànlá nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ṣé” tàbí “ǹjẹ́”, tàbí kí n fi “àbí?” parí wọn. Ìdáhùn tó gùn jù lọ ni “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ogun ni.” Lẹ́yìn ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi fúnra mi ni mo ń ṣe àlàyé tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe, wọ́n sì ti mọ̀ pé bí àwọn bá ti lè sọ “bẹ́ẹ̀ ni”, Mà yóò sọ ìyókù.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tó wà lókè ìwé mi lọ́jọ́ yẹn: “Ṣé lóòótọ́ ni pé ogun Tápà ló mú kí àwọn baba ńlá wa tẹ̀dó sórí òkè?” Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà ní agbègbè wa mọ̀ pé àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà yọ ilẹ̀ Okun lẹ́nu gidigidi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àti pé ọ̀pọ̀ ìlú wa ló fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n lọ fi orí òkè ṣe odi. Ìdáhùn ti wà nínú ìbéèrè náà kí n tó dákẹ́. Gbogbo wọn dáhùn pọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fàmì sí i nínú ìwé mi pé ó ti yé wọn. Lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nínú àròkọ tí wọ́n kọ, ọ̀kan nínú àwọn tó dáhùn kíkan kíkan jù kọ ọ́ pé àwọn òyìnbó ni àwọn èèyàn sá fún lọ sórí òkè. Ọmọkùnrin náà kò purọ́ fún mi lọ́jọ́ náà. Mo bi í bóyá ogun ló lé wọn gòkè, ó sì mọ̀ pé ogun ni. Ogun wo, láti ibo, lọ́dún wo, n kò fún un láyè láti sọ ọ́.

Àléébù àkọ́kọ́ tí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní nìyẹn: kò fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ẹni tó mọ̀, ẹni tó mọ ìdajì, àti ẹni tó kàn tẹ̀lé ohùn àwọn yòókù. Ti èkejì jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó wà nínú bí a ṣe tọ́ wa. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ “Ṣé dáadáa lẹ jí?” “Ṣé àlàáfíà ni ilé wà?”, bí orí bá tilẹ̀ ń fọ́ni, “Dáadáa ni” la ó fi dáhùn, nítorí ìkíni ni, kì í ṣe ìwádìí. “Ṣé ó yé yín?” ti di irú ìkíni bẹ́ẹ̀ nínú kíláàsì. Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ tí a tọ́ dáadáa kì í wo ojú àgbà kí ó sọ pé rárá. Bí olùkọ́ bá sọ èrò rẹ̀, tó wá fi “ṣé” ṣáájú rẹ̀ tàbí tó fi “àbí?” kádìí rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó ní èrò mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ já olùkọ́ nírọ́ kí ó tó lè sọ tirẹ̀. Àwọn tó dàgbà jù mí lọ pàápàá kò ṣe é, nítorí pé ipò olùkọ́ ni mo wà.

Nígbà tí mo pinnu láti yí ìbéèrè yẹn padà, kò bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbìyànjú mi àkọ́kọ́ ni “Kí lẹ rò nípa ogun Tápà?” Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìbéèrè náà ṣí sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní etí tí ènìyàn lè dì mú. Akẹ́kọ̀ọ́ kò mọ̀ bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ogun ni mo ń bi í, tàbí òpin rẹ̀, tàbí bí ó ṣe dùn ún tó. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bi wọ́n pé, “Èé ṣe tí àwọn baba wa fi gun òkè?” Ẹnì kan ní, “Nítorí ogun,” ọ̀rọ̀ sì parí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé fífi “èé ṣe” rọ́pò “ṣé” nìkan kò tó, bí ìdáhùn kan ṣoṣo bá ṣì ni gbogbo èèyàn ti mọ̀.

Mo wá bi ara mi ní alẹ́ Fúráìdé kan pé: nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ni ọlọ́gbọ́n méjì lè jókòó tì kí wọ́n má fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀? Kì í ṣe pé bóyá ogun jà. Ohun tí wọ́n lè jiyàn lé lórí ni bóyá èrè òkè gígun pọ̀ ju àdánù rẹ̀ lọ. Mo kọ ọ́ báyìí: “Ẹni tó ń gbé orí òkè kò lè ṣe kó má sọ̀ kalẹ̀ wá sí oko àti odò. Kí ni orí òkè fún àwọn baba wa nígbà ogun, kí ló sì gbà lọ́wọ́ wọn?” Mo yọ èrò ti ara mi kúrò pátápátá. Mo fi ohun kan tí wọ́n mọ̀ dájú ṣáájú, kí wọ́n lè rí ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Mo sì fi nǹkan méjì lélẹ̀ tí wọ́n ní láti wọ̀n, tó fi jẹ́ pé kò sí bí “bẹ́ẹ̀ ni” ṣe lè dáhùn rẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni a lò lórí ìbéèrè kan yẹn. Bọ̀dá kan láti Ìyàgbà ló bẹ̀rẹ̀, ó ní àwọn Tápà ń gun ẹṣin jà, ẹṣin kò sì lè sáré lórí àpáta. Ọmọbìnrin kan láti Bùnú, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀, ní òun fẹ́ béèrè ẹni tó ń pọn omi, nítorí ìyá ìyá òun máa ń sọ pé àwọn obìnrin ló ru ìkòkò gun òkè náà, kì í ṣe àwọn jagunjagun. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ọ̀tá tó bá gbọ́n kò ní gun òkè rárá. Yóò dúró dè wọ́n nísàlẹ̀ títí ìkórè iṣu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà fẹ́ rọlẹ̀, mo fi èkejì tẹ̀ lé e: “Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1897, ilé-iṣẹ́ òwò àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ibùdó ọmọ ogun rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́ja, gba Kábà, ó sì ṣẹ́gun Bídà. Bí ẹ bá jẹ́ baálẹ̀ ìlú kan lórí òkè nígbà náà, kí lẹ ó fẹ́ rí kí ẹ tó gbà pé ó yẹ kí ìlú sọ̀ kalẹ̀?” Ọmọkùnrin tó kọ ọ́ pé òyìnbó ni wọ́n sá fún ló tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe níbẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìka tọ́ ọ.

Àwọn ọ̀nà kan wà tí mo ṣì fi ń pa ìbéèrè rere lẹ́nu ara mi. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí n béèrè dáadáa, kí ìdákẹ́jẹ́ wá dẹ́rù bà mí, kí n sì fi ìrù kún un: “Kí ni orí òkè gbà lọ́wọ́ wọn? Ṣé omi ni?” Ìrù yẹn ni wọn yóò dáhùn. Mary Budd Rowe, olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni olùkọ́ sábà máa ń dúró lẹ́yìn ìbéèrè, àti pé bí ó bá lè dúró fún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdáhùn a máa gùn sí i, àwọn tí ń dáhùn a sì máa pọ̀ sí i. Mẹ́ta kéré létí, ṣùgbọ́n ó máa ń gùn bí ọjọ́ kan fún ẹni tó dúró níwájú. Nínú ọkàn mi ni mo ti máa ń kà á, mo sì máa ń wo ìwé ọwọ́ mi dípò ojú wọn.

Ọ̀nà kejì ni “Kí ló dé tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?” Ìbéèrè tó ṣí sílẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ní èdè wa, ohùn ìbáwí ló wà nínú rẹ̀, ọmọ tó fọ́ àwo la máa ń bi bẹ́ẹ̀. Ẹni tí mo bá bi í yóò sọ pé, “Ẹ má bínú, Mà,” yóò sì jókòó. “Kí lo rí nínú ìtàn náà tó mú ọ ronú bẹ́ẹ̀?” ni mo ń lò báyìí, tàbí kí n kàn sọ pé, “Máa bá a lọ, mo fẹ́ gbọ́ ibi tó já sí.”

N kò sọ pé kí a lé “ṣé” kúrò nílé. Ó wúlò fún ìdìbò: “Ṣé ẹ gbà pé ó yẹ kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní 1897? Ẹ nawọ́.” Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ọwọ́ pín sí méjì kí ẹ tó lò ó, kí ìbéèrè tó tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀ sì jẹ́ “Kí ló lè mú kí ẹ yí ọkàn padà?” Bí gbogbo ọwọ́ bá gbé sókè lẹ́ẹ̀kan, ẹ mọ̀ pé ẹ tún ti fi ìdáhùn sínú rẹ̀.

Ní alẹ́ Fúráìdé, mo máa ń fi bírò pupa yí gbogbo “ṣé”, “ǹjẹ́” àti “àbí” tó wà nínú ìwé mi ká. Ti ọ̀sẹ̀ yìí ṣì ku ọ̀kan. Orí aṣọ ìpò ni, aṣọ pupa tí àwọn obìnrin Bùnú máa ń hun tẹ́lẹ̀ fún ìsìnkú àwọn ènìyàn pàtàkì. Mo kọ́kọ́ kọ “Ṣé aṣọ ìpò ṣì wúlò lóde òní?”, mo pa á rẹ́. Mo kọ “Kí ni aṣọ ìpò túmọ̀ sí?”, èyí náà fẹ̀ jù. Ibi tí mo dé ni “Bí ìdílé kan kò bá lè rí aṣọ ìpò fún òkú wọn lónìí, kí ni wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀, kí sì ni àwọn àgbà yóò sọ pé ó kù?” Mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ mo ṣì ń ro ìlàjì rẹ̀ kejì, nítorí ó dà bí ẹni pé mo ti pinnu pé nǹkan kan yóò kù.