Ọjà Kan, Owó Méjì

Ọjọ́bọ̀. Owó mi ti padà wọlé láàárọ̀ yìí, ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá balẹ̀ débi tí mo fi lè jókòó kọ bí wọ́n ṣe yọ owó ọjà kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ mi.

Bẹlẹ́ńdà ni mo ń rà fún màámi lórí áàpù kan, ₦28,750. Mo fi káàdì san án, mo tẹ OTP, nẹ́tíwọọ̀kì Adó wá ń ṣe ségesège, ojú fóònù kàn ń yí ṣáá, kó tó dúró álẹ́ẹ̀tì méjì ti já wọlé. Nígbà míì báǹkì lè fi álẹ́ẹ̀tì kan náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, bálánsì ló ń jẹ́ kéèyàn mọ̀. ₦61,400 ni mo ní tẹ́lẹ̀, àkọ́kọ́ sọ ọ́ di ₦32,650, ìkejì sọ ọ́ di ₦3,900. ₦3,900, oṣù ò sì tíì parí! Inú bí mi gan-an. Ọ́dà kan ṣoṣo ló sì wà nínú áàpù yẹn.

Mo wọ ọ̀kadà láti Baṣírì lọ sí báǹkì. Arábìnrin tó dá mi lóhùn yí kọ̀ǹpútà ẹ̀ sí mi, ó ní, "Ẹ wò ó mà, RRN ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ní." Nọ́ńbà oní-díjíìtì 12 kan ni, ìsanwó kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Ó ní tó bá jẹ́ owó tí wọ́n yọ tí kò dé ibi tó ń lọ ni, rífásà ló kù, CBN sì ti sọ látọdún 2020 pé ti POS àti orí íńtánẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Ṣùgbọ́n tèmi, méjèèjì ti dé ọwọ́ ẹni tó ń tajà. Báǹkì ò lè kàn fà á padà, wọ́n máa gba ọ̀dọ̀ báǹkì ẹni tó ń tajà béèrè ni, ẹni yẹn sì lè jiyàn. Ó gba ẹjọ́ mi sílẹ̀, ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀, ó wá ní, "Ẹ má kánsù ọ́dà yẹn o mà." Tí mo bá kánsù ẹ̀, owó tó so mọ́ ọ́dà ni wọ́n máa dá padà, ìkejì á ṣì wà níbẹ̀ láìní ẹni tó ń béèrè ẹ̀.

Kọsitọma kíà àwọn ọlọ́jà ní ìsanwó kan làwọn rí. Irọ́ kọ́ ni wọ́n ń pa, ojú ọ́dà nìkan ni wọ́n ń wò, owó kejì ò sì ní ọ́dà kankan tó so mọ́. Mo bá fi ímeèlì ránṣẹ́: RRN méjèèjì, àsìkò tí wọ́n yọ wọ́n, iye owó, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára káàdì, àti ojú ewé sitétimẹ́ǹtì tó gbé bálánsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mi ò kọ odindi nọ́ńbà káàdì o, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun fẹ́ ẹ, olè ni. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó lọ wò ó lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá wọn gbowó, wọ́n sì rí i.

Bí ₦28,750 ṣe wọlé báyìí, báǹkì ni mo kọ́kọ́ pè kí wọ́n ti ẹjọ́ yẹn pa, torí tí tiwọn náà bá tún wọlé, wọ́n máa padà wá yọ ọ́ ni, mi ò sì fẹ́ gbọ́ álẹ́ẹ̀tì kankan mọ́ lọ́sẹ̀ yìí.