Òǹtẹ̀ Dùgbẹ̀ lórí Lẹ́tà Mọ́kọ́lá

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ọ́dítì, ipò tí ẹ wà yìí ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ní Ìbàdàn, oṣù kejì ọdún 2019. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe oúnjẹ adìyẹ là ń yẹ ìwé wọn wò. Mílíọ̀nù náírà 48 ni wọ́n ní àwọn ní ní báńkì nígbà tí ọdún 2018 parí, wọ́n sì ti so mílíọ̀nù 40 nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún àkókò kan kó lè máa mú èlé wá.

Bí a ṣe ń fìdí irú owó bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ni pé a ó kọ lẹ́tà sí báńkì, oníbàárà yóò bọwọ́ lù ú pé òun yọ̀ǹda kí báńkì sọ ohun tó wà nínú akántì òun fún wa, àwa fúnra wa la ó sì fi ránṣẹ́. Ọ̀dọ̀ báńkì ni èsì gbọ́dọ̀ ti wá bá wa tààrà. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn ọjọ́ náà mú, akáǹtáǹtì wọn sì jẹ́ ọlọ́yàyà ènìyàn. Ó ní, "Ọ́dítọ̀, ẹ fi sílẹ̀ jàre, mò ń lọ sí báńkì lọ́la, màá bá yín gbé e dání." Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó gbé èsì lé mi lọ́wọ́. Mo wo iye owó, ó bá ìwé wọn mu dé orí kọ́bọ̀. Mo fi bírò pupa sàmì sí i, ó di inú fáìlì.

Alẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń to fáìlì fún ọ̀gá mi ni lẹ́tà ọdún tó ṣáájú àti ti ọdún náà bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí tábìlì. Ẹ̀ka Mọ́kọ́lá ni akántì wà, ibẹ̀ náà ni wọ́n kọ sórí lẹ́tà, àmọ́ Dùgbẹ̀ ló wà nínú òǹtẹ̀. Mo gbé e sún mọ́ iná. Ìbuwọ́lù méjì ló wà lórí ti tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà ìbuwọ́lù òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló wà lórí ti ọdún náà, kò ní nọ́ńbà, orúkọ máníjà kan náà ni wọ́n sì tẹ̀ sábẹ́ ẹ̀. Ti tẹ́lẹ̀, máníjà fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Èyí ń gbọ̀n, mo sì rí ojú ibi méjì tí bírò ti dúró kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ta ló máa ń ro bí òun ṣe máa bọwọ́ lu ìwé lórúkọ ara rẹ̀?

Ẹ má tìtorí ìyẹn pariwo olè o. Ẹ̀ka kan lè yá òǹtẹ̀ ẹ̀ka mìíràn, ọwọ́ ènìyàn sì lè yí padà. Ohun tí mo rí kò ju pé lẹ́tà náà kò ṣeé gbára lé lọ. Mi ò bi akáǹtáǹtì léèrè rárá: tí ọwọ́ ẹ̀ bá mọ́, ẹnu ẹ̀ ò lè rọ́pò ti báńkì, tí kò bá mọ́, ó máa lọ ṣe èyí tó dára ju èyí lọ wá ni. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ni mo gbé e lọ. Ìbéèrè kan ló bi mí: "Ta ló gbé e wá?" Mo dorí kodò.

A kọ lẹ́tà mìíràn. A ò pe nọ́ńbà fóònù tó wà lórí lẹ́tà ti àkọ́kọ́, torí ẹni tó bá ṣe ayédèrú lẹ́tà lè fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ ẹ̀ síbẹ̀. Èmi fúnra mi gbé e dé Mọ́kọ́lá, a fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olú ilé-iṣẹ́ báńkì náà ní Èkó, a sì ní kí èsì wá sí ọ́fíìsì wa. Ọjọ́ kẹsàn-án ló dé.

Ibi tó ti yà mí lẹ́nu nìyí: owó náà wà níbẹ̀, mílíọ̀nù 48 géérégé. Iye tí mo sàmì sí kò ní irọ́ nínú. Ìlà tí mi ò kà ni irọ́ wà. Lẹ́tà tí à ń kọ sí báńkì máa ń béèrè gbèsè àti ohun tí wọ́n fi dógò pẹ̀lú iye owó. "Kò sí" ni ayédèrú lẹ́tà sọ síbẹ̀. Èyí tó ti báńkì wá ní wọ́n ti fi mílíọ̀nù 40 náà dógò fún ẹ̀yáwó tí ilé-iṣẹ́ mìíràn gbà, ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ti ọ̀gá àgbà wọn. Owó tí wọn ò lè fọwọ́ kàn ni wọ́n ń pè ní owó ọwọ́.

Kì í ṣe tiwa nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà ayédèrú ni wọ́n fi gbé ìwé owó Parmalat, ilé-iṣẹ́ wàrà kan ní Ítálì, dúró, lẹ́tà tó ní owó tó tó bílíọ̀nù yúrò 3.95 wà ní Bank of America, títí báńkì náà fi sọ ní oṣù kejìlá ọdún 2003 pé irọ́ ni.

Ìyà tó jẹ wá ṣì kù. Gbogbo ìwé tó ti ọwọ́ akáǹtáǹtì yẹn kọjá la tún gbà láti orísun wọn, títí kan ìwé ìṣirò báńkì àti èsì àwọn tó jẹ wọ́n lówó. Ó gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí ìwé jáde, ọ̀rọ̀ ìdógò náà wà nínú rẹ̀ gbangba kí àwọn onípìn-ín lè kà á.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, akáǹtáǹtì tuntun ló wà níbẹ̀. Ó bọwọ́ lu lẹ́tà, ó ní òun á bá mi gbé e dé báńkì. Mo ní kó má ṣèyọnu, mo tì í sínú báàgì mi, mo sì wọ máíkírà lọ sí Mọ́kọ́lá.