Ta ló fi àwòrán mi pamọ́?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn èèyàn bójú tó àkáǹtì Instagram wọn, ìbéèrè tó wà lókè yìí ni àwọn oníbàárà máa bi yín jù. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni pé iye la máa ń rí, a kì í rí orúkọ.

Tí ẹnì kan bá tẹ àmì kékeré tó wà lápá ọ̀tún nísàlẹ̀ àwòrán, àwòrán náà á wọ inú Saved tirẹ̀. Ó lè kó wọn sí àkójọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó wù ú. Òun nìkan ló ń rí gbogbo ìyẹn. Láìkì máa ń kàn sí ẹni tó gbé àwòrán jáde, fífi pamọ́ kì í kàn sí i rárá.

Àmọ́ tí àkáǹtì bá jẹ́ ti oníṣẹ́, ẹ tẹ View insights lábẹ́ àwòrán, ẹ ó rí iye ìgbà tí wọ́n fi í pamọ́. Ẹ jẹ́ ká ní àwòrán kan tó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń tún aago ṣe gba láìkì 40, tí wọ́n sì fi í pamọ́ ní ìgbà 65. Ìyẹn ń sọ fún yín pé àwọn èèyàn fẹ́ padà wá lò ó; kò sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Tó bá wá jẹ́ 1 péré, tó sì jẹ́ pé ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni oníbàárà fi àwòrán náà hàn, ó lè fura sí ọ̀rẹ́ náà. Ìfura ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Áàpù tó bá ní òun á fi orúkọ hàn, tó wá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín, ẹ sá fún un, torí Instagram kì í fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ yẹn.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ gan-an ni àkójọ alájọlò. Instagram gbà kí èèyàn pe ọ̀rẹ́ sínú àkójọ kan, gbogbo ẹni tó bá sì wà níbẹ̀ ló ń rí ohun tí ẹ bá fi sí i. Tí ẹni tó ni àwòrán bá wà nínú wọn, ó ti rí yín nìyẹn. Torí náà, ẹ wo àwọn tó wà nínú àkójọ dáadáa kí ẹ tó fi nǹkan sí i.

Ẹ má sì gbé òfin yìí lọ sí Pinterest. Níbẹ̀, gbangba ni pátákó tí ẹ ń lẹ nǹkan mọ́ wà, àfi tí ẹ bá sọ ọ́ di Secret.

Ohun kan ṣì kù: fífi pamọ́ kì í ṣe ẹ̀dà. Tí oní-nǹkan bá pa àwòrán náà rẹ́, tàbí tó dí yín lọ́nà, ẹ ò ní rí i mọ́ nínú Saved. Èyí tí iṣẹ́ yín bá dúró lé, ẹ kọ kókó rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ rí i.