Ọsàn ni mo dá lẹ́bi, búrọ́ọ̀ṣì ló jẹ̀bi

Ó lé ní ọdún kan tí mi ò fi lè mu omi inú fíríìjì bí ọmọ èèyàn. Apá ọ̀tún ẹnu ni mo máa ń gbé e gbà, kí n tó rọra gbé e mì. Bí ó bá ṣèèṣì kan apá òsì lókè, á dà bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ máṣíìnì wọlé sí mi lára. Kí n tó ké "yéè", ó ti lọ. Aránṣọ ni mí ní Òṣogbo, àwọn oníbàárà mi sì mọ̀ pé ojú kan ni mo fi ń mu omi, mo ti di èkejì pa.

Èdè wa gan-an ló kọ́kọ́ ṣì mí lọ́nà. "Eyín ń kan mí" là ń sọ, kíkan yìí kan náà ló sì wà lára ọsàn àti agbálùmọ̀. Kódà nínú Bíbélì, àwọn baba ló jẹ èso àjàrà kíkan tí eyín fi kan àwọn ọmọ. Nítorí náà, nígbà tí omi tútù bẹ̀rẹ̀ sí í hàn mí léèmọ̀, mi ò wo ibòmíràn rárá, ọsàn ni mo gbá mú. Ẹ̀rí tún wà lọ́wọ́ mi: ọjọ́ tí mo bá mu ọsàn, omi tútù máa ń dùn mí jù ọjọ́ mìíràn lọ. Mo fi ọsàn sílẹ̀ odindi oṣù méjì. Ìrora náà dín díẹ̀, kò lọ.

Obìnrin kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tèmi ní ìdọ̀tí ló wà níbẹ̀, pé kí n fi iyọ̀ àti èédú tí a lọ̀ kúnná fọ̀ ọ́ dáadáa. Mo ra búrọ́ọ̀ṣì líle, mo sì ń fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò àmàlà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, afẹ́fẹ́ òwúrọ̀ pàápàá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí tí mo bá la ẹnu.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ èrò, tí a jọ ń gbé, ní irú rẹ̀ ń ṣe òun náà. Ọjọ́ kan náà la jọ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó fi sùúrù gbọ́ wa tán, ó sì wo ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní: "Mà, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ̀yin méjèèjì ń sọ, àmọ́ kì í ṣe nǹkan kan náà ló ń ṣe yín."

Ohun tó ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, torí ẹ lè fi dígí ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ nílé. Ó kọ́kọ́ gbẹ omi ara eyín mi, ó fi ìka bo àwọn eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó wá fẹ́ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí orí eyín náà níbi tí a fi ń jẹun. N kò mọ nǹkan kan. Ó fẹ́ ẹ sí ọrùn rẹ̀, níbi tí eyín àti èrìgì ti pàdé. Mo fò lórí àga. Ó gbé dígí fún mi, ó ní kí n wò ó. Eyín funfun bọ̀ wá láti ìsàlẹ̀ títí dé ibì kan, àwọ̀ rẹ̀ wá yí padà sí pupa rẹ́súrẹ́sú bí eyín erin, kó tó dé ibi tí èrìgì bẹ̀rẹ̀. Ó ní ààlà àwọ̀ méjèèjì yẹn ni èrìgì mi ń gbé tẹ́lẹ̀. Ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fàlà sí lára wọ̀n ọ́n: mìlímítà 3 ni èrìgì ti sá lọ sókè lórí eyín ṣóńṣó tí à ń pè ní eyín ajá, mìlímítà 2 lórí èyí tó tẹ̀lé e. Ó ní kí n fi èékánná wọ́ ọ. Èékánná mi há sínú kòtò kékeré kan lọ́rùn eyín náà, bí ìgbà tí okùn ti jẹ ara òpó.

Èèpo líle tó bo eyín, tí àwọn dókítà ń pè ní ẹ́námẹ́ẹ̀lì, kò dé gbòǹgbò. Orí eyín tó yọ síta nìkan ló bò. Èèpo yìí kò ní iṣan ìmọ̀lára kankan, ìdí nìyẹn tí yìnyín fi lè kàn án kó má dun ènìyàn. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, déntìn, ló ní ihò. Àwọn ihò náà tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú kò lè rí wọn, wọ́n pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, omi sì wà nínú wọn, láti ìta títí dé ìtòsí iṣan tó wà láàárín eyín. Tí òtútù bá kan ẹnu ihò wọ̀nyí, omi inú wọn á fà síta wàrà, fífà yẹn ló ń ta iṣan jí. Ará Suwídìn kan, Bẹ̀ránsítírọ́ọ̀mù, ló fi ìdánwò gbé àlàyé yìí kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1960. Ó sì jẹ́ kó yé mi ìdí tí tíì gbígbóná kì í fi í ṣe mí bíi ti omi tútù: ooru kì í fa omi náà síta bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló ń tì í wọlé.

Ní ti gbòǹgbò, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bò ó, ọrùn eyín ló sì ti fẹ́lẹ́ jù. Èrìgì ni aṣọ rẹ̀ gan-an. Tí èrìgì bá ti sá, búrọ́ọ̀ṣì kì í pẹ́ họ awọ yẹn dànù, ihò á sì ṣí sílẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ́námẹ́ẹ̀lì mi lè pé perepere kí omi tútù ṣì máa pa mí lẹ́kún.

Dókítà bi mí pé ọwọ́ wo ni mo fi ń fọ ẹnu. Ọwọ́ ọ̀tún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún, apá òsì ló sábà máa ń kọ́kọ́ gbé búrọ́ọ̀ṣì lé, nígbà tí agbára ṣì wà lápá, eyín ajá ló sì yọ síta jù níbi tí ẹnu ti ṣẹ́ kọ́nà. Ẹni tó bá ń run orin tó ń fà á síwá sẹ́yìn lórí èrìgì bí ayùn, ohun kan náà ni yóò rí. Ó tún tẹ èrìgì mi bóyá yóò ṣẹ̀jẹ̀, ó wo ẹ̀yìn eyín bóyá ìdọ̀tí líle ti dì síbẹ̀, nítorí àìsàn èrìgì náà máa ń mú kó sá. Tèmi kò ṣẹ̀jẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ìmọ́tótó àṣejù ló bà mí jẹ́!

Ọsàn ńkọ́, nígbà tó jẹ́ pé lóòótọ́ ló ń dá kún un? Oró kíkan inú rẹ̀ kò lé èrìgì mi lọ. Àmọ́ déntìn rọ̀ ju ẹ́námẹ́ẹ̀lì lọ, kíkan tí kò tó nǹkan ti tó láti yọ́ ọ. Ìtọ́ ẹnu àti oúnjẹ ti dí díẹ̀ nínú àwọn ihò náà, ọsàn á tún fọ ẹnu wọn mọ́. Olè kọ́ ni ọsàn nínú ọ̀rọ̀ mi, òun ló kàn ń ṣí ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ti já.

Ti àbúrò mi yàtọ̀ pátápátá. Èrìgì tirẹ̀ jókòó síbi tí Ọlọ́run fi í sí. Lórí eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti dùn ún. Àwọn góńgó tó yẹ kó wà níbẹ̀ ti di kòtò roboto kéékèèké, ìdí kòtò náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Wọ́n ti dí eyín kan fún un látọdún pípẹ́. Dídí náà wá yọ sókè ju eyín tó yí i ká lọ, bí òkúta tí ọ̀gbàrá ti kó iyẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ. Òkúta náà kò dàgbà, ilẹ̀ ló relé. Etí eyín iwájú rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Dókítà yẹ ẹ̀yìn eyín iwájú òkè wò dáadáa, ó sì bi í bóyá omi kíkan máa ń ti inú gòkè wá sí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lóru, torí irú ìyẹn máa ń jẹ ẹ̀yìn eyín níbẹ̀. Ẹ̀yìn eyín náà dán, kò jẹ. Iwájú ló jẹ.

"Kí lẹ máa ń mu lójú ọ̀nà?" Ó ní sóbò tí wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí, ike kan láàárọ̀, òmíràn lọ́sàn-án, àti ẹlẹ́rìndòdò tí ń lé oorun lọ. Kì í mu ún tán lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń lá a díẹ̀díẹ̀ láti Òṣogbo dé Ìbàdàn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìtọ́ nílò àkókò láti pa kíkan inú ẹnu, ní gbogbo ìgbà tó bá sì ti fẹ́ ṣe tán, àbúrò mi á tún fẹnu kan ike. Tó bá wá délé, á fọ ẹnu lójú ẹsẹ̀ nígbà tí ojú eyín ṣì rọ̀.

Wọ́n kun fúlúráìdì sí eyín rẹ̀, wọ́n sì dí àwọn kòtò tó jìn jù. Sóbò di ti ìdí oúnjẹ, kó mu ún tán kó sì fi omi lásán yọ ẹnu. Ó gbọ́dọ̀ dúró tó wákàtí kan kó tó gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Èmi, búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni wọ́n ní kí n rà, kí n fi ìka dì í mú bí ẹni mú bírò, kì í ṣe ọwọ́ ìdì. Kí n dà á sí ẹ̀gbẹ́ kọ ojú sí èrìgì, kí n máa yí i kékeré kékeré, ìṣẹ́jú méjì, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Èédú dópin. Ọṣẹ ìfọyín tí wọ́n ní kí n lò ní pọ̀tásíọ́ọ̀mù náítíréètì nínú, ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Lálẹ́, mo tún ń fi ìka pa díẹ̀ mọ́ ọrùn eyín náà, n ó tutọ́, n kò ní fi omi yọ ẹnu. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan, mo fẹ́ jù ú nù. Dókítà ti sọ ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin fún mi tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, mo mu omi inú ọ̀rá tó tutù, ìgbà tí mo mu ún tán ni mo rántí pé mi ò di ojú.

Ẹ fetí sí ibí yìí: gbogbo èyí wà fún ìrora tó bá ń lọ bí òtútù bá ti lọ. Bó bá ń dun yín lẹ́yìn tí ẹ ti gbé omi mì tipẹ́, bí nǹkan gbígbóná bá ń dá a sílẹ̀, bó bá ń jí yín lóru, tàbí tó jẹ́ eyín kan ṣoṣo tó ń ta yín tí ẹ bá gé ẹran, ó ṣeé ṣe kó ti jẹrà tàbí kó ti sán. Ọṣẹ ìfọyín yóò kàn máa fi àkókò yín ṣòfò ni.

Mo padà lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ó gbé irin tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀, ó wọ̀n ọ́n: mìlímítà 3, mìlímítà 2. Mo ní, "Dókítà, kò tíì padà sísàlẹ̀?" Ó ní, "Mà, kò ní í padà fúnra rẹ̀, àfi bí a bá ṣe iṣẹ́ abẹ lé e. Àmọ́ kò sún sókè mọ́." Mo dúpẹ́, mo sì ra ọsàn mẹ́rin lẹ́nu géètì wọn nígbà tí mò ń lọ sílé.