Kí a tó gba kọ́kọ́rọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíyẹ ilé wò àti fọ́tò ọlọ́jọ́ ní Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ darapọ̀ mọ́ iṣẹ́ bíbá ènìyàn wá ilé gbé níhìn-ín ní Àjàṣẹ́, mo fẹ́ sọ fún yín bí a ṣe ń yẹ ilé wò kí ayálégbé tó kó ẹrù wọlé, àti bí a ṣe ń ya fọ́tò tí yóò ṣì ní ìtumọ̀ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Ọjọ́ tí a gba kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni a máa ń mọ bí iṣẹ́ yìí ti wúlò tó. Ọjọ́ tí ayálégbé bá ń kó lọ, tó sì béèrè owó ìdógò rẹ̀, ni a máa ń mọ̀ ọ́n.

Èmi náà ti ya fọ́tò tí kò wúlò rí. Ní ọdún kejì mi lẹ́nu iṣẹ́, mo bá obìnrin kan gba ilé oníyàrá kan àti pálọ̀ ní apá Wàǹdó. Owó ilé náà jẹ́ 30,000 fáráǹkì lóṣù, obìnrin náà sì fi owó oṣù mẹ́ta, ìyẹn 90,000, ṣe ìdógò. Mo ya fọ́tò mẹ́tàlélógójì lọ́jọ́ tí a gba ilé, gbogbo wọn láti ìtòsí pẹ́kípẹ́kí: ibi tí ògiri ti lanu, ibi tí àjà ti ní àbàwọ́n, ibi tí lafabó, ìyẹn bàsíà ìfọwọ́ tí a kàn mọ́ ògiri, ti sán. Mo fi wọ́n ránṣẹ́ sí obìnrin náà lórí Wasáàpù, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Nígbà tó ń kó lọ, onílé ní obìnrin náà ló fọ́ lafabó, tó sì ba àjà jẹ́. A kó fọ́tò jáde, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí sọ yàrá tí èyíkéyìí nínú wọn ti wá. Fóònù tí mo fi yà wọ́n ti sọnù, àwọn tó kù lọ́wọ́ obìnrin náà kò sì gbé ọjọ́ tí a yà wọ́n sínú mọ́. 45,000 péré ló gbà padà. N kò lè di gbogbo ẹ̀bi náà ru onílé, nítorí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ya fọ́tò, n kò sì fi ẹyọ kan ránṣẹ́ sí i. Ó ṣeé ṣe kó ti gbàgbé lóòótọ́ bí ilé rẹ̀ ṣe rí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: níbo ni a ti yà á, nígbà wo ni a yà á, ta ló sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa?

Láti dáhùn èyí àkọ́kọ́, ẹ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá kí ẹ ya gbogbo yàrá náà, kí ẹ sì máa gba apá ọ̀tún lọ, ògiri kan tẹ̀lé òmíràn, títí ẹ ó fi padà sẹ́nu ilẹ̀kùn. Níbi tí àléébù bá wà, ìgbà mẹ́ta ni kí ẹ yà á. Ẹ kọ́kọ́ ya ògiri náà pẹ̀lú ohun tí kò ṣeé gbé kúrò, bíi fèrèsé tàbí igun ilẹ̀kùn. Ẹ sún mọ́ ọn díẹ̀ kí ẹ tún yà á. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yà á láti ìtòsí, pẹ̀lú rúlà tí ẹ gbé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí nọ́ńbà ara rúlà hàn kedere. Láìsí rúlà, ibi tó lanu ní ìwọ̀n ìka kan àti èyí tó gùn tó apá lè jọ ara wọn nínú fọ́tò. Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì pa iná fóònù, nítorí iná yẹn máa ń sọ ògiri di funfun, àmì ọ̀rinrin a sì parẹ́. Níbi tí ẹ bá fura sí pé wọ́n fi ọ̀dà bo nǹkan mọ́lẹ̀, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ tàn án láti ẹ̀gbẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá lórí ògiri. Gbogbo ibi tó wú àti ibi tí wọ́n lẹ̀ ni yóò jáde pẹ̀lú òjìji rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ ló máa ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ jù. Fóònù máa ń kọ ọjọ́ àti wákàtí pamọ́ sínú fọ́tò fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ fóònù sì máa ń fi í sí orúkọ fọ́tò náà, bí àpẹẹrẹ `IMG_20230304_091512.jpg`, tó túmọ̀ sí ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2023, ní agogo mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí Wasáàpù bí a ṣe ń ṣe lójoojúmọ́, Wasáàpù yóò fún un kéré, yóò sì yọ ọjọ́ inú rẹ̀ dànù. Orúkọ tí ẹni tó gbà á yóò rí á dà bíi `IMG-20230304-WA0012.jpg`, ọjọ́ tó wà nínú orúkọ yẹn kì í sì í ṣe ọjọ́ tí a yà á bí kò ṣe ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ yan `Document` nígbà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́, kí fọ́tò lè dé bó ṣe wà gan-an, kí ẹ sì tọ́jú àwọn tí fóònù kọ́kọ́ yà sí ibòmíràn yàtọ̀ sí inú fóònù. Ní ti ọjọ́ tí àwọn kan máa ń tẹ̀ sórí fọ́tò, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́ síbẹ̀. Ènìyàn sì lè yí aago fóònù rẹ̀ padà. Ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù ni pé kí fọ́tò kúrò lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà gan-an, kó sì dé ọwọ́ onílé àti ayálégbé, nítorí a kò lè dé inú fóònù onílé láti yí ọjọ́ tó gbà á padà.

Ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta wà nínú ìwé ipò ilé tí wọ́n ń pè ní étadelíọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òfin wà tó ń darí yíyá ilé gbé ní Bẹ̀nẹ̀, ó sì yẹ kí ẹ kà á. Ní ti ìwé náà, ẹ ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ to yàrá sínú rẹ̀ bí fọ́tò ṣe tẹ̀ léra, kí ẹ kọ nọ́ńbà fọ́tò sí ẹ̀gbẹ́ àléébù kọ̀ọ̀kan, kí onílé àti ayálégbé sì fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ iye kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n gbà sínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ohun kan wà tí fọ́tò kò lè mú. Omi ni àkọ́kọ́. Ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ omi, kí ẹ ya nọ́ńbà tó wà lójú òǹkà SONEB, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì tún un yà. Bí nọ́ńbà náà bá ti sún, omi ń jò níbì kan lábẹ́ ilẹ̀ tàbí nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ayálégbé ni yóò sì máa sanwó rẹ̀.

Iná ni èkejì, òun ló sì ń dá ìjà sílẹ̀ jù nínú agboolé tí onílé ti ní òǹkà SBEE kan ṣoṣo, tó wá fi òǹkà kékeré, dekọntọ̀, pín iná fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya nọ́ńbà ojú rẹ̀, kí ẹ yọ gbogbo ohun tó ń lo iná nínú ilé náà, kí ẹ pa gbogbo gílóòbù, kí ẹ sì wo dekọntọ̀ náà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bí iná pupa kékeré rẹ̀ bá ṣì ń ṣẹ́jú, ó ṣeé ṣe kí okùn iná ẹlòmíràn ti gba inú rẹ̀ kọjá.

Ọ̀rinrin ni ẹ̀kẹta. Ní àwọn ibi tó rẹlẹ̀ sí ọ̀sà, omi máa ń gba inú ilẹ̀ gun ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹ ó rí ìyẹ̀fun funfun, tàbí ọ̀dà tó wú bí ara tó lé róro. Bí ó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri nìkan ni wọ́n tún kùn, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan án bóyá ó tutù ju òkè lọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti ga tó. Àjà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí bí a ṣe lè mọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bóyá ó ṣì ń jò. Bí ẹ bá rí àbàwọ́n tó ní etí aláwọ̀ ilẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ ó tún un wò lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́. Bí ó bá fẹ̀ sí i, òrùlé ló ń jò, kì í ṣe ọwọ́ ayálégbé ló bà á jẹ́.

Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 2023 tí mo mẹ́nu bà lókè, mo ṣe gbogbo èyí ní ilé kan ní Tọkpọtà. Olùkọ́ kan ló fẹ́ gbà á ní 35,000 lóṣù, pẹ̀lú ìdógò 105,000, onílé sì jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tí mo bẹ̀ kí wọ́n fi wákàtí méjì dúró tì wá. Lẹ́yìn tí a pa gbogbo iná, dekọntọ̀ ṣì ń ṣẹ́jú. Bàbá fúnra wọn tẹ̀ lé okùn iná náà títí dé ara fíríìjì ilé kejì, wọ́n sì ní kí oníná wá gé e kí olùkọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́. Lábẹ́ fèrèsé yàrá, ògiri lanu ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá. Mo yà á pẹ̀lú rúlà, mo sì kọ ọ́ sí nọ́ńbà 17. Mo tún ya fèrèsé náà, tí gíláàsì nakó rẹ̀ méjèèjìlá pé.

Olùkọ́ kó jáde ní ọdún 2025. Bàbá wo abẹ́ fèrèsé, wọ́n ní, "Ògiri yìí kò lanu báyìí nígbà tí mo fún yín nílé." N kò bá wọn jiyàn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ẹ wo nọ́ńbà 17." Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní kí n mú rúlà wá, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì wọ̀n ọ́n fúnra wọn. Sẹ̀ǹtímítà mọ́kànlá náà ló ṣì jẹ́. Lẹ́yìn náà ni a wo fọ́tò fèrèsé, a sì rí i pé nakó méjì kò sí mọ́. Olùkọ́ gbà pé bọ́ọ̀lù ọmọ òun ló fọ́ wọn. A pe ẹni tó ń ta gíláàsì, ó ní méjèèjì jẹ́ 4,000. Bàbá ka 101,000 fáráǹkì sọ́wọ́ olùkọ́ níwájú mi, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé kan náà tí wọ́n ti fọwọ́ sí ní ọdún 2023.