Páálí, ṣẹ́kẹ́rẹ́ àti aṣọ: ohun ìṣeré tí mo ń fún ìkókó kó tó pé oṣù mẹ́ta

Ọmọ mẹ́ta ni mo ti tọ́ ní Ìbàdàn, àwọn àbúrò mi sì máa ń bi mí léèrè irú ohun ìṣeré tí wọ́n lè rà bí ìkómọ bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìdáhùn mi kì í yí padà: ohun tí yóò fojú wò, ohun tí yóò fetí gbọ́ àti ohun tí yóò kàn án lára jẹ́jẹ́. Méjì nínú rẹ̀, ẹ lè rí i nínú ilé láìná owó púpọ̀.

Ojú ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó bá wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 sí ojú ọmọ tuntun ló ń rí dáadáa. Bó ṣe jìnnà sí ojú ìyá rẹ̀ nìyẹn nígbà tó bá ń mu ọyàn. Àwọn àwọ̀ tó ṣá díẹ̀, irú èyí tó pọ̀ lára ẹrù ọmọ tí wọ́n ń tà lọ́jà, kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn sí i. Ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé ni ojú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, mo máa ń ra kádíbọọ̀dù funfun kan àti máákà dúdú. Mo máa gé e tó ìwé àkọsílẹ̀ ọmọléèwé, màá sì fa ìlà gbọọrọ gbọọrọ sórí èyí àkọ́kọ́, kí ìlà kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka méjì tí a so pọ̀. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kò wúlò ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, torí yóò dà pọ̀ mọ́ra lójú rẹ̀ ni. Lórí èkejì, mo máa ń ya òbìrí ńlá kan tí mo kùn dúdú. Lórí ẹ̀kẹta, mo máa ń ya ojú ènìyàn: ẹyinjú méjì àti ẹnu, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá wọ oṣù kejì, mo lè ya onígun mẹ́rin kéékèèké bíi ti pátákó dírááfù.

Páálí kan ṣoṣo ni kí ẹ gbé dání lẹ́ẹ̀kan. Rúlà iléèwé jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ lè fi wọ̀n ọ́n kí ọwọ́ yín lè mọ ibi tó yẹ kí páálí wà. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, nítorí ojú ọmọ máa ń ṣáko kó tó balẹ̀. Bó bá ti balẹ̀, ẹ rọra gbé páálí náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní oṣù kìíní, ojú náà lè máa fò tẹ̀lé e ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, kódà ẹyinjú méjèèjì lè máà bára wọn lọ nígbà mìíràn. Nígbà tó bá fi pé nǹkan bí oṣù méjì, ìtẹ̀lé náà yóò ti ń já gaara. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò tíì tẹ̀lé ohunkóhun, tàbí tí ẹ rí funfun láàrin ẹyinjú rẹ̀ nínú fọ́tò, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú láìfi falẹ̀.

Àdìrẹ náà dára gan-an fún iṣẹ́ yìí, torí aró tó dúdú àti funfun tó mọ́ ló wà lára rẹ̀. Àdìrẹ màmá mi tó ti gbó ni mo ń fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń yí ìlédìí. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ fi aṣọ funfun tó tutù ra á lára. Bí aró bá ràn mọ́ aṣọ funfun náà, ẹ kọ́ àdìrẹ náà sí ibi tí ọwọ́ àti ẹnu ọmọ kò lè dé.

Ní ti ohùn, ohùn yín gan-an ni ìkókó kọ́kọ́ mọ̀, torí ó ti ń gbọ́ ọ látinú oyún. Ṣẹ́kẹ́rẹ́ ọmọdé ló tẹ̀ lé e. Ní ọjà, kí n tó sanwó, mo máa ń gbọ̀n ọ́n lẹ́bàá etí ara mi. Ihò etí ọmọ kéré, ìró tó wọ inú rẹ̀ sì máa ń le ju bó ṣe rí létí àgbà lọ. Bí mo bá ní láti gbóhùn sókè kí olùtajà tó gbọ́ mi bí mo ṣe ń gbọ̀n ọ́n, mo máa ń dá a padà. Lẹ́yìn náà, màá fà á tagbáratagbára, màá wo ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bóyá ó ń yà. Irúgbìn tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ni yóò há ọmọ lọ́fun bó bá bẹ́. Ẹ mú páálí àárín rólù tíṣù lọ́wọ́ lọ sọ́jà: apá èyíkéyìí lára ohun ìṣeré tó bá lè gba inú rẹ̀ kọjá ti kéré jù fún ọmọ.

Ìgò kékeré tí a da ìrẹsì sí, tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe, kò burú bó bá jẹ́ pé ọwọ́ àgbà ló wà. Mi ò gbà kí ọmọ mú un dání, torí ìdérí lè ṣí. Àwọn olóhùn tó ń lo bátìrì roboto bíi bọ́tìnnì, mi ò rà wọ́n rárá. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá yọ bátìrì náà tó sì kó sí ọmọ lẹ́nu, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun láàrin wákàtí méjì péré.

Nọ́ọ̀sì kan níbi àbẹ́rẹ́ àjẹsára ló sọ fún mi pé, “Ìyá ìkókó, ẹ má gbọ̀n ọ́n sí i létí o. Ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́, kẹ́ ẹ sì sinmi.” Ìsinmi yẹn ṣe pàtàkì. Ẹ gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta níbi tí kò ti lè rí i, kẹ́ ẹ wá wò ó. Ọmọ tuntun kì í sábà yí orí lójú ẹsẹ̀. Ó lè kàn dákẹ́, kó la ojú sí i, tàbí kó dẹwọ́ ọyàn tó ń mu. Bí ilẹ̀kùn bá dún gbàmù tí kò ta gìrì rí, tí ohùn yín kò sì mú un dákẹ́ rí, ẹ ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn, pàápàá bí ibà pọ́njú bá mú un gan-an nígbà tí wọ́n bí i.

Aṣọ ló kù. Ẹ̀là ìró àǹkárá tó ti rọ̀, táwẹ́lì kékeré kan àti aṣọ tó ń yọ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó áńkáṣíìfù, ti tó. Ìkókó máa ń di ohun tó bá kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mú láìmọ̀, kò sì mọ bó ṣe máa jù ú sílẹ̀. Ẹ má fà á gbà. Bí ẹ bá fi ìka ra ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ìka yóò ṣí fúnra rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ etí aṣọ náà dáadáa, kí òwú má yọ. Òwú kan ṣoṣo lè wé mọ́ ọmọ-ìka-ẹsẹ̀ kó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá. Bí ọmọ bá ń ké tí ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ tú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ wò.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí, nígbà tó bá jí tó sì ti yó. Bó bá yí ojú kúrò, tó ń yán, tó ń sín, tàbí tó na gbogbo ìka gbanrangandan, ó ti tó nìyẹn, ẹ kó nǹkan yín nílẹ̀.

Àwọn ẹbí yóò gbé ọmọlangidi onírun wá, wọ́n á sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wá. Ẹ gbà á, ẹ dúpẹ́. Màmá ọkọ mi bá mi kó tèmi sínú àpótí. Ọmọlangidi lè dúró níbẹ̀ títí ọmọ yóò fi pé ọdún kan, torí ohun rírọ̀ kankan kò gbọdọ̀ sí níbi tó ń sùn, àní aṣọ mẹ́ta yẹn pàápàá. Ìlẹ̀kẹ̀ ní tirẹ̀ lè fún ọmọ lọ́rùn bó bá há mọ́ nǹkan, òwú rẹ̀ sì lè já kí ẹyọ rẹ̀ kó sí i lẹ́nu. Ọrùn ọmọ mi kankan ò gbé e.