Ìdí tí a kò kọ sílẹ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí àkọsílẹ̀ ìpàdé owó ìrànwọ́

Ọdún kẹta tí mo ti ń ṣe akọ̀wé fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ wò ni lẹ́tà kan dé. Ẹni tó kọ ọ́ kò bínú. Ó ní òun gbà pé iṣẹ́ òun kò wọlé, ṣùgbọ́n kí a jọ̀wọ́ sọ ohun tó gbé e ṣubú fún òun, kí òun lè tún un ṣe kí òun tó tún bọ̀. Wọ́n ní kí n fèsì. Mo ṣí àkọsílẹ̀ ìpàdé, mo wá ìwé rẹ̀ kàn, nọ́ńbà 7, ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ síbẹ̀ nìyí: “Ìgbìmọ̀ jíròrò lórí ìwé yìí. Wọ́n fẹnu kò pé iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n kò lágbára tó. Máàkì: 70. Ipò: 5.” Iṣẹ́ 4 péré ni owó wà fún.

Kò lágbára tó, níbo? Mo pe méjì nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀. Ọ̀kan ní ètò ìnáwó rẹ̀ ni kò dára. Èkejì ní rárá, ọ̀nà tó fẹ́ gbà ṣe iṣẹ́ náà ló mẹ́hẹ. Ọ̀rọ̀ náà dá àwọn méjèèjì lójú. Mo ní kí n wo máàkì tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, àṣé mo ti kọ máàkì ìkẹyìn lé e lórí. Lẹ́tà tí a fi ránṣẹ́ sí ẹni yẹn kò sọ nǹkan kan fún un, ó sì dùn mí dọ́kàn, nítorí ìbéèrè rẹ̀ tọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni mo rí ìwé pélébé tí mo fi ń ya ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé náà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé mi. Ọmọ ìgbìmọ̀ 5 ló fún ìwé nọ́ńbà 7 ní máàkì kí wọ́n tó wá: 82, 80, 78, 75 àti 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 375. Tí a bá pín in sí 5, 75 ni. Ẹni tó fún un ní 60 wá ní kí gbogbo wọn ṣí ojú ìwé 9, níbi tí olùbéèrè ti sọ pé òun máa fọ̀rọ̀ wá 200 ènìyàn lẹ́nu wò. Ó tún ní kí wọ́n ṣí ojú ìwé 21. Owó ọkọ̀ àti owó àwọn tó máa ṣe iṣẹ́ náà tó wà níbẹ̀ kò kọjá ti ènìyàn 80. Àwọn tó kù kò tíì gbé ojú ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn rí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sọ máàkì wọn kalẹ̀ sí 74, 72, 70 àti 70. Ẹni tó fún un ní 60 náà gbé tirẹ̀ sókè sí 64, nítorí wọ́n fi hàn án lójú ìwé 17 pé àwọn olùbéèrè ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ohun tí òun kò kíyè sí. Àpapọ̀ di 350, ó sì já sí 70.

Ẹ ò rí i pé àwọn méjèèjì tí mo pè ló sọ òótọ́. Àárín ọ̀nà ìṣiṣẹ́ àti ètò ìnáwó ni àbùkù náà wà. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni ìbá gbà mí.

Bí mo ṣe ń kọ ọ́ báyìí rèé: “Ìwé 7. Máàkì àkọ́kọ́: 82, 80, 78, 75, 60, ó já sí 75. Máàkì lẹ́yìn ìjíròrò: 74, 72, 70, 70, 64, ó já sí 70. Ohun tó sọ ọ́ kalẹ̀, lórí ọ̀nà ìṣiṣẹ́ àti ètò ìnáwó: iye ènìyàn tí wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀ (200, ojú ìwé 9) ju iye tí wọ́n pèsè owó fún lọ (80, ojú ìwé 21), wọn kò sì sọ bí wọ́n ṣe máa rí ìyókù. Ohun tó gbé máàkì ẹnì kan sókè, lórí ìrírí àwọn olùbéèrè: irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti ṣe (ojú ìwé 17).” N kì í kọ orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, nítorí ìgbìmọ̀ ló ni ìpinnu. Ṣùgbọ́n n kì í jẹ́ kí máàkì kankan yẹ̀ láìní ìdí tirẹ̀, n kì í sì í pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu wọn ni kí ẹ kọ ọ́. Kí alága tó pe ìwé tó kàn, mo máa ń béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí òdiwọ̀n wo ni máàkì yìí ti lọ sílẹ̀?” Màá ka ohun tí mo kọ sí wọn létí. Níbẹ̀rẹ̀ ó ni alága lára, ó ní mò ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan tí mo ka ìdí kan jáde, ẹni mẹ́ta ní kì í ṣe ohun tí àwọn ní lọ́kàn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà òun gan-an ló ń dúró dè mí.

Ìdí mìíràn wà tí kò ṣeé lò. Ẹnì kan lè sọ pé, “A mọ àwọn èèyàn yìí, wọn kì í parí iṣẹ́ lásìkò.” Ó lè jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò sí nínú ìwé tí gbogbo wọn kà, olùbéèrè kò sì sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀. Tí alága bá ní kí wọ́n má lò ó, mo máa ń kọ ọ́ pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ kan wá láti ìta ìwé ìbéèrè, alága sì ní kí ó má kan máàkì.

Ipò tún ní ìdí tirẹ̀, yàtọ̀ sí ti máàkì, pàápàá níbi tí owó ti tán. Ìwé nọ́ńbà 12 ló gba ipò 4 lọ́dún náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ti bá olùbéèrè rẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, ó sì jáde síta. Àwọn 4 tó kù fún un ní 74, 72, 71 àti 70. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 287, a pín in sí 4, ó di 71.75. Ìbá ṣe pé mo gbàgbé tí mo pín in sí 5, 57.4 ni ìbá jẹ́, ìwé 7 ni ìbá sì gba owó náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ orúkọ ẹni tó jáde, ìdí tó fi jáde, àsìkò tó jáde àti èyí tó wọlé, àti iye ẹni tó kù tó fún ìwé náà ní máàkì.

Lẹ́yìn tí mo yí ọwọ́ padà, lẹ́tà mìíràn dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Mo fi ìdí tí a kọ ránṣẹ́: a kò rí ètò bí wọ́n ṣe máa tọ́jú àṣírí àwọn tó bá dá wọn lóhùn, ojú ìwé 14. Olùbéèrè náà fèsì pé òótọ́ ni, kò sí lójú ìwé 14, ojú ìwé 16 ló wà. A yẹ̀ ẹ́ wò, ó wà níbẹ̀, ìpínrọ̀ méjì gbáko. Alága pe ìgbìmọ̀ padà, wọ́n tún máàkì òdiwọ̀n yẹn nìkan fún un, ìwé náà sì gòkè láti ipò 6 sí ipò 5. Kò dé ibi tí owó wà. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀, pẹ̀lú máàkì méjèèjì àti ojú ìwé méjèèjì.